Omi gbígbóná fún ilé àkẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlọrin: èwo nínú sólà mẹ́rin ni ká rà?

Bí ọyẹ́ bá ti mú, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, omi inú tánkì orí sitáńṣọ̀n máa ń tutù tó bíi 20 dígírì kí ilẹ̀ tó mọ́ ní Ìlọrin. Ìgbà yẹn gan-an ni ilé àkẹ́kọ̀ọ́ nílò omi gbígbóná jù lọ. Àwọn kan ti dìde láti ṣe àlùwàlá fún ìrun àsùbáà, àwọn mìíràn ní kíláàsì aago mẹ́jọ, tọkùnrin tobìnrin á sì ki rínǹgì onírin bọ garawa. Ogójì rínǹgì lórí wáyà ilé kan! Mo ti bá sọ́kẹ́ẹ̀tì tó yọ́ bí òrí nínú yàrá, mo sì ti gbọ́ igbe ọmọ tí iná gbé nítorí pé ó ti ọwọ́ bọ omi wò kó tó yọ rínǹgì kúrò lára iná. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré nígbà tí onílé bá bi mí pé sólà wo ni kí òun rà.

Sólà tí mò ń sọ kì í ṣe èyí tó ń mú iná wá. Páńẹ́ẹ̀lì omi ni: oòrùn á mú un gbóná, omi á gba inú páìpù rẹ̀ kọjá, á sì gbé ooru náà lọ sínú tánkì. Iṣẹ́ púlọ́mbà ni mò ń ṣe, oríṣi mẹ́rin ni mo sì mọ̀ tí onílé lè yàn nínú wọn, ì báà jẹ́ ní Tánkè, ní Màlété tàbí ní Ọ̀ffà.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ohun àkọ́kọ́ ni pé oòrùn ti wọ̀ tipẹ́ kí àwọn ọmọ tó wẹ̀. Omi tó gbóná ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa lò ní aago márùn-ún ìdájí, wákàtí mẹ́tàlá lẹ́yìn náà. Sólà tí kò bá lè tọ́jú ooru mọ́jú kò wúlò fún wa, bó ti wù kí omi rẹ̀ hó tó lọ́sàn-án.

Èkejì ni ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i nígbà tí kò bá sí iná. Ní ilé tó jẹ́ pé bọ́họ̀ọ̀lù ló ń fún wọn lómi, bí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì, tánkì lè gbẹ. Sólà kan wà tí èyí kò ní ṣe ní nǹkan kan, òmíràn sì wà tí yóò fọ́ pátápátá. Ẹ̀kẹta ni bóyá púlọ́mbà àdúgbò lè tún un ṣe láìjẹ́ pé ẹ ń dúró de èlò láti Èkó. Owó ni mo fi ṣe ìkẹrin, nítorí èyí tó wọ́n díẹ̀ lọ́jọ́ ìrajà ló sábà máa ń dín owó kù nígbà tó bá yá.

Tánkì àti páńẹ́ẹ̀lì: mélòó ló tó?

Kí a tó yẹ ọjà kankan wò, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ilé kan. Ilé alájà kan ni, ní Tánkè, yàrá ogún, ọmọ méjì-méjì, ó di 40. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fi garawa kan tó gba 20 lítà wẹ̀ lójúmọ́, omi náà sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní 40 dígírì. Nígbà ọyẹ́, láti orí 20 dígírì ni ẹ ó ti gbé omi yìí dé 40. Ìṣirò rẹ̀ kò le rárá: ẹ fi iye lítà lọ́nà iye dígírì tí ẹ fẹ́ fi kún un, kí ẹ wá pín in sí 860. Ohun tó bá jáde ni yúnìtì ooru, yúnìtì kan náà tí ẹ ń rà sórí mítà iná.

`40 × 20 × 20 ÷ 860 = 18.6`

Ẹ fi bíi ìdá márùn-ún rẹ̀ kún un fún ooru tó ń sá lọ lára páìpù àti lára tánkì mọ́jú, ó di yúnìtì 22 lójúmọ́ nígbà ọyẹ́. Nínú oṣù Kẹjọ, omi kì í tutù ju 25 dígírì lọ, nítorí náà yúnìtì 17 ló tó. Fún onílé tó wà ní Báǹdì A, tó ń ra yúnìtì kan ní bíi náírà 210, kìkì 18.6 yẹn, tí rínǹgì bá ni wọ́n fi se é, ó ń lọ sí bíi náírà 3,900 lójúmọ́.

Kí ni oòrùn wa lè mú wá? Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń wọn agbára oòrùn ní Yunifásítì Ìlọrin, nítorí náà ohun tó ń bọ́ sórí òrùlé wa kò ṣókùnkùn. Lórí mítà onígun mẹ́rin kan, ó tó bíi yúnìtì 4 lójúmọ́ nínú oṣù Kẹjọ nígbà tí kùrukùru bo ojú ọ̀run, ó sì máa ń ju 5 lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Páńẹ́ẹ̀lì omi tó dára kì í rí tó ìdajì rẹ̀ gbé dé tánkì. Ẹ ka yúnìtì 1.8 sí i nígbà òjò àti 2.4 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ bá pín 17 sí 1.8, tàbí 22 sí 2.4, ibì kan náà ni ẹ ó bọ́ sí: ó ju mítà onígun mẹ́rin 9 lọ díẹ̀. Ìyẹn ni pé omi ọyẹ́ tó tutù ju ti òjò lọ ti jẹ èrè tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn fẹ́ mú wá.

Èmi kì í dámọ̀ràn 9 fún ilé yìí, 8 ni. Páńẹ́ẹ̀lì kan sábà máa ń jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 2, nítorí náà mẹ́rin péré ni, á sì gbé ohun tó ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ẹrù náà lọ jálẹ̀ ọdún. Ìyókù ni a ó fi sílẹ̀ fún ohun ìrànwọ́, nítorí kò sí iye páńẹ́ẹ̀lì tí yóò mú omi gbóná lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀.

Tánkì wá ni ibi tí àwọn onílé ti máa ń ṣì í. Wọ́n rò pé bí ó bá ti tóbi tó ló ṣe dára tó. Ẹ wò ó: páńẹ́ẹ̀lì mẹ́rin yìí ń mú bíi yúnìtì 18 wá lọ́jọ́ tí oòrùn mú díẹ̀. Bí tánkì bá jẹ́ 500 lítà, yóò gbé omi sókè ní bíi 31 dígírì, láti 20 sí 51. Bí ẹ bá sọ ọ́ di 1,000 lítà, ooru kan náà yóò gbé e dé 35 péré, àwọn ọmọ á sì sọ pé sólà ò ṣiṣẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ 200 lítà, omi á ti gbóná jù kí ilẹ̀ tó ṣú, púpọ̀ nínú ooru ìrọ̀lẹ́ á ṣòfò, omi ọ̀hún á sì tán kí gbogbo ọmọ tó wẹ̀ tán. Ìwọ̀n tó bá ibi wa mu ni 50 sí 75 lítà fún mítà onígun mẹ́rin páńẹ́ẹ̀lì kan. Fún mítà 8, 500 lítà dára gan-an.

Tánkì náà gbọ́dọ̀ ní fóòmù tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 yí ká. Bí ó bá ní i, dígírì 3 sí 5 péré ni yóò pàdánù láti alẹ́ dé ìdájí.

Dúrọ́ọ̀mù dúdú nínú àpótí onígíláàsì

Èyí ni wẹ́dà lè kàn fún yín: dúrọ́ọ̀mù onírin tí wọ́n kùn ní dúdú, tí wọ́n gbé sínú àpótí tó ní gíláàsì lójú. Òun ló rọjú jù, kò nílò pọ́ọ̀ńpù, kò sì sí ohun tó le nínú àtúnṣe rẹ̀. Àmọ́ gíláàsì tó jẹ́ kí oòrùn wọlé lọ́sàn-án náà ni ooru ń gbà sá lọ lóru. Omi rẹ̀ tó jẹ́ 50 dígírì nírọ̀lẹ́ kì í ju bíi 30 lọ ní ìdájí ọyẹ́. Ilé tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń wẹ̀ nírọ̀lẹ́ nìkan ló bá mu, n kò sì tíì rí irú ilé àkẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀.

Páńẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ, tánkì lókè rẹ̀

Páìpù kọ́pà ló wà lábẹ́ gíláàsì pẹlẹbẹ nínú èyí, tánkì sì wà lókè rẹ̀. Omi tó bá gbóná a fúyẹ́, a gòkè lọ sínú tánkì fúnra rẹ̀, omi tútù ìsàlẹ̀ tánkì á sì sọ̀kalẹ̀ wá gba ipò rẹ̀. Kò sí pọ́ọ̀ńpù, kò sí wáyà. Iná ì báà lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, yóò ṣiṣẹ́. Bí tánkì orí sitáńṣọ̀n bá gbẹ, páńẹ́ẹ̀lì á kàn gbóná ni, kì í fọ́ nígbà tí omi bá padà dé.

Ohun mẹ́ta ló ń bà á jẹ́, ọwọ́ ẹni tó gbé e kalẹ̀ sì ni gbogbo wọn ti ń wá. Àkọ́kọ́, ìsàlẹ̀ tánkì gbọ́dọ̀ fi bíi 30 sẹ̀ǹtímítà, ó kéré tán, ga ju orí páńẹ́ẹ̀lì lọ. Bí wọ́n bá gbé wọn sí ìpele kan náà, omi á yí padà lóru: ooru tánkì á máa sọ̀kalẹ̀ sínú páńẹ́ẹ̀lì tó ti tutù, ojú ọ̀run á sì gbà á. Ẹ fi ọwọ́ kan páìpù orí páńẹ́ẹ̀lì ní aago márùn-ún ìdájí. Ó yẹ kó tutù bí afẹ́fẹ́ ìta. Bí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ ti mọ ibi tí omi gbígbóná yín ń lọ.

Èkejì ni afẹ́fẹ́ tó há sínú páìpù. Páìpù tó ń ti páńẹ́ẹ̀lì lọ sí tánkì gbọ́dọ̀ máa gòkè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò gbọdọ̀ tẹ̀ wálẹ̀ níbì kankan, bó ti wù kó kéré mọ. Níbi tó bá ti tẹ̀, afẹ́fẹ́ á kó jọ, omi ò sì ní lè kọjá. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní aago méjì ọ̀sán: bí orí páńẹ́ẹ̀lì bá ń jó ni lọ́wọ́ tí páìpù ẹnu tánkì sì tutù, afẹ́fẹ́ ti há síbẹ̀. Mo ti bá ilé kan tí wọ́n ti ra páńẹ́ẹ̀lì kejì torí pé ti àkọ́kọ́ “kò lágbára”. Páìpù tó tẹ̀ bí ìka mẹ́ta ni mo tún ṣe, omi sì gbóná lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀kẹta ni ẹrù. Tánkì 250 lítà tó kún, pẹ̀lú páńẹ́ẹ̀lì méjì àti irin tó gbé wọn dúró, lè tó 400 kìlò. Òrùlé páànù lórí igi tí káfíńtà kàn láti fi gba òjò dúró kò lè gbé e. Orí dẹ́kìn ni kó wà, tàbí orí sitáńṣọ̀n tí wẹ́dà ti fi irin kún ẹsẹ̀ rẹ̀. Nítorí ẹrù yìí náà ni mo ṣe máa ń pín 500 lítà sí méjì, tánkì 250 pẹ̀lú páńẹ́ẹ̀lì méjì-méjì. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ogún ọmọ á ṣì rí omi wẹ̀.

Ẹ kọ ojú rẹ̀ sí gúúsù, nítorí apá ibẹ̀ ni oòrùn máa ń wà ní gbogbo ìgbà ọyẹ́, kí ẹ sì dà á ní bíi 15 dígírì. Òjò á máa fọ̀ ọ́. Nígbà ọyẹ́ tí eruku bá bo gíláàsì, ẹ rán ẹnì kan lọ fi aṣọ tútù nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí gíláàsì tó gbóná.

Ọ̀pá gíláàsì onífaakúùmù

Èyí ló pọ̀ jù lọ́jà báyìí, ó sì rọjú ju páńẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ lọ. Ọ̀pá gíláàsì onípele méjì ni, wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ àárín rẹ̀ jáde bíi ti filáàsì tíì, omi sì kún inú rẹ̀. Ẹni tó ń tà á á sọ fún yín pé ó ń gba ooru ju pẹlẹbẹ lọ. Òótọ́ ni, níbi tí yìnyín ti ń bọ́. Faakúùmù ń dènà kí ooru má sá lọ sínú òtútù, àmọ́ afẹ́fẹ́ ọ̀sán wa máa ń tó 33 dígírì, omi tí a sì fẹ́ kò ju 50 sí 60 lọ. Ohun tó ń dènà rẹ̀ kò tó nǹkan lọ́dọ̀ wa.

Ìṣòro rẹ̀ ni ọjọ́ tí omi bá tán. Ọ̀pá tó gbẹ sínú oòrùn máa ń gbóná ju 200 dígírì lọ. Bí iná bá wá dé ní aago kan ọ̀sán, tí ẹni tó ń tọ́jú ilé sì tan bọ́họ̀ọ̀lù, omi tútù á ya wọ inú gíláàsì tó ń jó. Lẹ́nu iṣẹ́ tí mo ṣe fún Àlájì kan, ọ̀pá méje ló fọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, omi tánkì sì ṣàn jáde tán láti ojú ihò wọn. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀, èmi ni mo sì yẹ kí n ti kìlọ̀. Àlájì kò bínú púpọ̀, ó kàn ní, “Púlọ́mbà, o ò sì sọ fún mi pé ó ń bẹ̀rù omi.” Láti ìgbà náà, n kì í gbé e fún ilé tí kò ní tánkì omi tútù tó lè tó ọjọ́ mẹ́ta. Bí tiyín bá ti gbẹ, ẹ dúró di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ dáadáa kí ẹ tó da omi sí i.

Omi bọ́họ̀ọ̀lù tún máa ń fi ẹfun funfun sílẹ̀, irú èyí tó ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù. Ìsàlẹ̀ ọ̀pá ló ń kó jọ sí. Bí kẹ́tùlù ilé yín bá ń funfun nínú, ẹ ó máa yọ ọ̀pá fọ̀ lọ́dọọdún.

Èyí tó ń lo pọ́ọ̀ńpù

Páńẹ́ẹ̀lì wà lókè, tánkì ńlá wà nílẹ̀, pọ́ọ̀ńpù kékeré ń yí omi ká, ẹ̀rọ kan sì ń tàn án nígbà tí páńẹ́ẹ̀lì bá gbóná ju tánkì lọ. Fún ilé tó ju ọgọ́rùn-ún ọmọ lọ, òun ló mọ́gbọ́n dání, nítorí 1,500 lítà kì í ṣe ẹrù tí èèyàn ń gbé sórí ilé. Ẹ ra pọ́ọ̀ńpù tó ń lo páńẹ́ẹ̀lì iná tirẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́ nígbàkígbà tí oòrùn bá wà. Bí iná nẹ́pà bá ni pọ́ọ̀ńpù gbára lé, ọjọ́ oòrùn tí kò síná á ṣòfò. Fún 40 ọmọ, ohun tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ohun ìrànwọ́ fún ọjọ́ òjò

Ẹlimẹ́ǹtì oníná inú tánkì ló rọrùn jù, àmọ́ ibi tí wọ́n fi sí ló ń pinnu iye tí ẹ ó máa san. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ tánkì, tí ó sì wà lórí iná tọ̀sán-tòru, iná á ti mú omi gbóná kí oòrùn tó yọ, páńẹ́ẹ̀lì ò sì ní rí ibi gbé ooru tirẹ̀ sí. Ẹ fi sí àárín, kó lè mú kìkì ìdajì òkè gbóná, kí ẹ sì fi táímà sí i. Nínú ilé 40 wa, ẹlimẹ́ǹtì kilowáàtì 1.5 kan nínú tánkì kọ̀ọ̀kan, tí ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta lóru ọjọ́ òjò, á jẹ yúnìtì 9. Ìyẹn á gbé ìdajì òkè tánkì méjèèjì, 250 lítà lápapọ̀, láti 30 dígírì dé 61, ní bíi náírà 1,900. Ẹ fi wé 3,900 ti rínǹgì, kí ẹ sì rántí pé ọjọ́ òjò nìkan ni ẹ ó san án.

Níbi tí iná kì í ti í dúró lóru, gáàsì ló dára. Kìlò gáàsì kan ń mú bíi yúnìtì 10 wọ inú omi, nítorí náà kò tó kìlò kan fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ìta gbangba ni kí wọ́n so híítà gáàsì mọ́, lára ògiri tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Èéfín rẹ̀ tí kò ní àwọ̀ tí kò sì lóòórùn ń pani nínú balùwẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ bá pa. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó gba omi tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ wọlé. Àwọn tó rọjú kì í dín iná wọn kù, omi tó ti wà ní 45 lè jáde níbẹ̀ ní hóhó.

Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ fi fáàfù tó ń po omi gbígbóná mọ́ tútù sí ẹnu páìpù tó ń jáde. Omi 60 dígírì ń bó àwọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Ẹ̀rọ omi tí a ń tẹ̀ kó tó dà ni kí ẹ sì lò, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí i sílẹ̀ fi fọ aṣọ.

Ta ni kó mú èwo?

Ilé tí kò ju 60 ọmọ lọ, tó ní dẹ́kìn tàbí sitáńṣọ̀n tó lágbára, kó mú páńẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ tí tánkì wà lókè rẹ̀. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ dámọ̀ràn ní Tánkè àti Màlété, pẹ̀lú ẹlimẹ́ǹtì onítáímà níbi tí iná ti dára, tàbí gáàsì níbi tí kò ti dára. Ilé tí owó rẹ̀ kò tíì pé lè fi tánkì kan bẹ̀rẹ̀ fún ogún ọmọ, kó fi èkejì kún un lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹni tí omi kì í tán nílé rẹ̀, tí kẹ́tùlù rẹ̀ kì í sì í funfun nínú, lè fi ọ̀pá gíláàsì dín owó kù, kó ra ọ̀pá márùn-ún pa mọ́. Ilé ńlá tó ju 100 ọmọ lọ, kó lọ sí ti pọ́ọ̀ńpù, pẹ̀lú ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wò ó. Láàárín 60 sí 100, ẹ kọ́kọ́ mú wẹ́dà àti bírikìlà wá wo dẹ́kìn yín. Ohun tí wọ́n bá sọ pé ó lè gbé ni kí ẹ fi yan.